Àpótí Ìmọ̀: Kọfí Gbígbóná Lórí Yìnyín

Ní ilẹ̀ Japan, ọ̀pọ̀ ilé kọfí máa ń kó yìnyín sínú jọ́ọ̀gì tó wà nísàlẹ̀ asẹ́, kí kọfí gbígbóná lè máa kán lé e lórí. Omi gbígbóná ló ń fa adùn jáde; yìnyín ló ń mú un tutù lójú ẹsẹ̀, kí òórùn dídùn rẹ̀ tó bá ooru lọ.

Ṣùgbọ́n omi ni yìnyín náà. Inú omi tí a fẹ́ lò gan-an la ti ń yọ ìwọ̀n rẹ̀.

Wo àpẹẹrẹ yìí. Ká ní kọfí lílọ̀ 20 gíráàmù ń fẹ́ omi 300 gíráàmù. Yìnyín á gba 120, omi gbígbóná á jẹ́ 180. Kọfí lílọ̀ á fa nǹkan bí 40 mu, 140 á kán sílẹ̀. Bí yìnyín bá yọ́ tán, 260 ni yóò wà nínú jọ́ọ̀gì. Ẹni tó bá da omi 300 lé yìnyín 120 ti lo 420, kọfí rẹ̀ á sì ṣàn.

Omi gbígbóná tó dín kù yìí kì í lè fa adùn jáde tó, ìdí nìyẹn tí a fi ń lọ kọfí náà kúnná díẹ̀ ju èyí tí a ń mu ní gbígbóná lọ. Bó bá kan bí ọsàn tí kò pọ́n, kó tún kúnná sí i. Bó bá korò, tí omi sì ń pẹ́ nínú asẹ́, ó ti kúnná jù.

Yìnyín inú ife tí a fi ń mu ún kò sí nínú 120 yẹn. Kó jẹ́ èyí tó tóbi, tí kò ní tètè yọ́.