Ọ̀rọ̀ Abẹ́ Fọ́tò Ìsọmọlórúkọ

Ní Kabba, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, bí a bá ti sọ ọmọ tuntun lórúkọ tán, a máa ń ya fọ́tò rẹ̀ ní ọwọ́ ìyá rẹ̀. Láyé àtijọ́, orí ògiri ni fọ́tò náà ń gbé. Lóde òní, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, tẹlifóònù ti gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí tí kò lè wá. Bàbá tàbí ìyá ọmọ a sì kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, a fi àdúrà kúkúrú parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kì í sábà ju ìlà márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n òun ni yóò sọ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ orúkọ tí ọmọ náà ń jẹ́ àti ìdí tí a fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà púpọ̀, ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀. Bí a bá ṣì í kọ níbẹ̀, àṣìkọ náà lè bá ọmọ dé ilé-ìwé.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan yẹ̀ wò. Ká ní ọkọ àti aya kan ti Abẹ́òkúta wá sí Kabba nítorí iṣẹ́. Wọn kò ní ẹbí kankan ní ìlú náà. Nígbà tí aya bí ọmọbìnrin, ìyá rẹ̀ ti dàgbà ju ẹni tí ó lè rin ọ̀nà jíjìn lọ. Àwọn obìnrin àdúgbò, àwọn ọmọ Owé tí wọ́n ni Kabba, ni wọ́n ń wẹ ọmọ náà, tí wọ́n ń se oúnjẹ fún ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì kún ilé ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Nítorí náà ni bàbá ọmọ ṣe sọ ọ́ ní Ọmọlará. Ìyá àgbà ní Abẹ́òkúta sì fi oríkì ránṣẹ́ sí i: Àjọkẹ́. Nígbà tí àlejò lọ tán, bàbá jókòó, ó sì kọ ọ̀rọ̀ yìí sí abẹ́ fọ́tò:

"Inú wa dùn púpọ̀ láti kéde fún gbogbo ayé pé a ti di òbí ọmọbìnrin arẹwà kan, Omolara. Kí Ọlọ́run fún ọ ní owó, ọlá, iyì, ọgbọ́n àti àlàáfíà. Kí orógbó mú ayé yín dùn. Ikú kò ní pa ọ́, àrùn kò ní ṣe ọ́. Àmín."

Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní ìfẹ́ nínú. Síbẹ̀, bí a bá mú orúkọ ọmọ náà kúrò, a lè gbé e sí abẹ́ fọ́tò ọmọ mìíràn láìsí ìyàtọ̀. Ìyá àgbà yóò kà á tán, kò sì ní mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kabba.

Orúkọ ni kí á kọ́kọ́ wò. Ọmọlará ni "ọmọ ni ará". Bí "ni" bá pàdé fáwẹ̀lì tí kì í ṣe "i", "n" rẹ̀ a di "l". Bẹ́ẹ̀ ni "ọmọ ni ará" ṣe di "Ọmọlará". Ará níhìn-ín ni ìbátan, ẹni tí a jọ jẹ́ ti ilé kan. Ẹni tí kò ní ará nítòsí ni ó bí ọmọ, ọmọ náà sì di ará fún un. Ṣùgbọ́n bàbá kọ "Omolara" láìsí àmì kankan. Ara ni èyí tí a fi ń ṣiṣẹ́, tí a sì ń wẹ̀. Ará ni ìbátan. Àrà ni ohun ìyanu tí ènìyàn dá. Àrá sì ni èyí tí ń sán lójú ọ̀run. Àmì nìkan ni ó ya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ́tọ̀. Ẹni tí ó ti mọ orúkọ náà tẹ́lẹ̀ lè pè é bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò dàgbà, tí yóò fẹ́ mọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀, kò ní rí i nínú "Omolara". Bí tẹlifóònù kò bá fẹ́ gba gbogbo àmì, ó kéré tán, kí á fi àmì sí orúkọ ọmọ.

Lẹ́yìn orúkọ, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. "Inú wa dùn púpọ̀ láti kéde" kì í ṣe ohun tí Yorùbá ń sọ fún ẹbí rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó wọ aṣọ Yorùbá. Bí a bá bímọ, àwọn ènìyàn ni yóò kí wa pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Òbí kì í kí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó lè sọ ni, "Ẹ bá wa dúpẹ́," tàbí kí ó kí àwọn tí yóò kà á, kí ó sì fi ọmọ náà hàn wọ́n: "Ọmọ wa nìyí." Ní Kabba, ìkíni kan wà tí ó rọrùn jù. "Okun" ni àwọn Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ fi ń kí ara wọn, láti inú rẹ̀ ni a sì ti ń pe gbogbo wọn ní Okun. Bí bàbá bá fi "Okun o" bẹ̀rẹ̀, àwọn aládùúgbò yóò gbọ́ ohùn ara wọn nínú ọ̀rọ̀ náà, ará Abẹ́òkúta pàápàá yóò sì rí ọ̀rọ̀ agbára nínú rẹ̀.

Ọjọ́ náà tún wà. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn àwọn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921 pé ọjọ́ kẹsàn-án ni a ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì tí ó jẹ́ akọ àti abo. Lóde òní, ọjọ́ kẹjọ ni ọ̀pọ̀ ilé ń lò fún gbogbo ọmọ. Ọjọ́ tí a bí ọmọ ni Yorùbá ń kà sí èkínní, nítorí náà ọjọ́ kẹjọ a máa bọ́ sí irú ọjọ́ kan náà tí a bí i. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2025, yóò gba orúkọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, ọjọ́ 14. Bí a bá rí i pé ẹnìkan kọ ọjọ́ 15 tí ó sì pè é ní ọjọ́ kẹjọ, a ó mọ̀ pé láti ọ̀la ìbí ọmọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí kà. Kí á kọ ọdún pẹ̀lú, nítorí pé fọ́tò a máa pẹ́ ju ìrántí lọ.

Àdúrà ni ó kù, ibẹ̀ sì ni bàbá ti ṣìnà jù. Èkínní, ó to ire jọ bí ẹni tí ń ka ọjà. Èkejì, ó ní kí orógbó mú ayé ọmọ dùn. Olúkúlùkù ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ ni ó ní àdúrà tirẹ̀. Iyọ̀ àti oyin ni a fi ń tọrọ adùn. Orógbó, tí ó korò lẹ́nu, ni a fi ń tọrọ pé kí ọmọ gbó, nítorí "gbó" tí ó wà nínú orúkọ rẹ̀. Atare ni a fi ń tọrọ ọmọ púpọ̀, nítorí hóró tí ó kún inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dárúkọ ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ mọ èyí tí ó ń jẹ́ fún un. Ẹ̀kẹta, ó mú ikú àti àrùn wọ ọ̀rọ̀ náà. Àgbà lè fi ohùn lé ibi lọ níwájú àwùjọ; ṣùgbọ́n nínú ìlà márùn-ún tí ọmọ yóò tọ́jú, ire ni ó yẹ kí á dárúkọ. Ẹ̀kẹrin, ó ní "fún ọ", ó tún ní "ayé yín". Àwọn ẹbí tí ń kà á ni a ń pè ní "ẹ̀yin". Ọmọ ni "ìwọ", láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúrà dé òpin rẹ̀. Ẹ̀karùn-ún, ó fúnra rẹ̀ ṣe àmín. Ẹni tí ń gbàdúrà a máa fi àmín sílẹ̀ fún àwọn tí ń gbọ́. Bí ó bá ti ṣe é tán, kí ni ìyá àgbà yóò tún fi dáhùn?

Níbo wá ni a ó ti rí àdúrà tí ó yẹ? Inú orúkọ náà gan-an ni. Bí ọmọ bá jẹ́ ará, kí á tọrọ pé kí òun náà rí ará. Bẹ́ẹ̀ ni a kò ní wá ọ̀rọ̀ ìkẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn. "Arẹwà" lè bá ọmọ gbogbo mu, ṣùgbọ́n Àjọkẹ́, ẹni tí a jùmọ̀ kẹ́, bá ọmọ tí gbogbo àdúgbò gbé mu rẹ́gí. Nígbà tí bàbá tún un kọ, báyìí ni ó rí:

"Okun o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọlará Àjọkẹ́ nìyí. A bí i ní Kabba ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 7 oṣù kẹfà, 2025. A sọ ọ́ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Ẹbí wa jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò wẹ̀ ẹ́, wọ́n gbé e, wọ́n di ará. Ọmọlará, ibikíbi tí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ̀, kí o bá ará níbẹ̀."

Kò sí owó nínú rẹ̀, kò sì sí ẹwà. Síbẹ̀ ìyá àgbà tí ń kà á ní Abẹ́òkúta yóò mọ̀ pé ọmọ òun kò dá wà, yóò rí oríkì tí òun fi ránṣẹ́ ní àyè rẹ̀, yóò sì rí ibi tí òun yóò ti ṣe àmín.

Ìbéèrè

1. Kí ni ó fà á tí a fi sọ ọmọ náà ní Ọmọlará? Ṣàlàyé bí "ni" ṣe di "l" nínú orúkọ náà.

2. A bí ọmọ kan ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ wo ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ yóò jẹ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?

3. Kí ni ó burú nínú kí á fi orógbó tọrọ adùn?

4. Bèèrè ìtumọ̀ orúkọ rẹ àti ìdí tí a fi sọ ọ́ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ. Kọ ọ̀rọ̀ ìlà márùn-ún tí ó lè wà lábẹ́ fọ́tò ìsọmọlórúkọ rẹ, kí o sì fa àdúrà rẹ̀ yọ láti inú orúkọ náà.