Ṣé YouTube ló yí padà ni, àbí fídíò mi ni kò dára mọ́?

ÌBÉÈRÈ

Aránṣọ ni mí l'Abẹ́òkúta, mo sì ń fi iṣẹ́ náà kọ́ àwọn èèyàn lórí YouTube. Fídíò tó wà lórí ṣánẹ́ẹ̀lì mi ti lé ní 140. Nínú oṣù Kejìlá, Impressions mi ń tó 12,000 lójúmọ́. Bí ọdún Kérésì ṣe kọjá, ó já wálẹ̀ sí 5,000. Kì í ṣe fídíò kan tàbí méjì o, gbogbo wọn ló jọ já. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní YouTube ló yí àlígórídímù rẹ̀ padà. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, torí pé Impressions click-through rate mi gòkè láti 4.1 sí 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó bá rí fídíò mi ṣì ń tẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi ní irọ́ ni, pé àwọn fídíò mi tuntun ni kò dùn mọ́. Ṣé kí n pa àwọn tó ti pẹ́ rẹ́, àbí kí n bẹ̀rẹ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì mìíràn? Mo fi àwòrán Studio mi ránṣẹ́.

Ìyá Aránṣọ, Abẹ́òkúta

ÌDÁHÙN

Ìyá Aránṣọ, ẹ ṣeun tí ẹ fi àwòrán Studio yín kún lẹ́tà. Láìsí i, àbá lásán ni mo fẹ́ máa dá fún yín.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí 5.5 tó mú inú yín dùn yẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. YouTube máa ń ka Impressions kan nígbà tí àwòrán iwájú fídíò yín bá hàn lójú ẹni tó ń wo YouTube fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ó kéré tán ìdajì àwòrán náà sì wà lójú fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibì kan náà ni gbogbo wọn ti ń hàn. Nínú Traffic source types yín, 3,000 nínú 12,000 ti oṣù Kejìlá wá láti YouTube search, ìyẹn àwọn tó fọwọ́ ara wọn tẹ ohun tí wọ́n ń wá. 3,000 mìíràn wá láti Browse features, tí ojú ewé àkọ́kọ́ jẹ́ ara rẹ̀. 6,000 tó kù wá láti Suggested videos, èyí tí YouTube ń tò sí ẹ̀gbẹ́ tàbí sábẹ́ fídíò tí èèyàn ń wò lọ́wọ́.

Ẹni tó ń wá nǹkan máa ń tẹ fídíò ju ẹni tó kàn rí i lọ. Lọ́dọ̀ tiyín, àwọn tó wá láti YouTube search ń tẹ̀ ẹ́ ní ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, ti Browse features jẹ́ 4, ti Suggested videos jẹ́ 2.7. Ẹ ṣírò rẹ̀ pọ̀, 4.1 ni yóò bọ́ sí. Ní oṣù Kìíní, YouTube search fún yín ní 2,800, Browse features 1,500, Suggested videos 700 péré. Ẹ fi ìdá 7, 4 àti 2.7 kan náà ṣírò wọn, ẹ óò rí 5.5. Ìyẹn ni pé kò sí ibi kankan tí àwọn èèyàn ti tẹ fídíò yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí wọn kì í ti í tẹ̀ ẹ́ púpọ̀ ló gbẹ, ni àròpọ̀ bá gòkè. Nítorí náà, 5.5 yẹn kò dá yín láre, kò sì dá YouTube lẹ́bi.

Ẹ wo ti ọkọ yín wàyí. Bí ó bá jẹ́ pé fídíò tuntun ló rọ̀, òun ni ì bá kọ́kọ́ já, àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá ì bá dúró níwọ̀n ibi tí wọ́n wà. Mo wo àwọn fídíò tó ti lé ní oṣù mẹ́fà nínú àwòrán Advanced mode yín: àwọn náà já, ọ̀sẹ̀ kan náà sì ni. Mo tún wo ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àwọn fídíò márùn-ún tí ẹ ṣe kẹ́yìn. Ìdá 4 ni wọ́n ń tẹ wọ́n lójú ewé àkọ́kọ́, wọ́n sì ń wò wọ́n dé nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, bíi ti àwọn tí ẹ ṣe ní oṣù Kẹwàá gẹ́lẹ́. Ẹ bá mi bẹ ọkọ yín, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yìí.

Ó ku àlígórídímù. Ọ̀pọ̀ yóò dúró níbí, wọ́n á ní bí gbogbo fídíò bá ti jọ já, ọ̀rọ̀ ti parí. Èmi kò gbà. Bí ọkọ̀ tó ń kó èrò wá sí ọjà bá dáwọ́ iṣẹ́ dúró, gbogbo ìsọ̀ ni yóò dá lọ́jọ́ kan náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí òfin ọjà padà. Ohun tó yẹ ká wá ni ọkọ̀ yẹn. Ẹ tẹ Suggested videos nínú Studio, yóò to àwọn fídíò tó ń gbé tiyín jáde sójú ayé. Ní oṣù Kejìlá, fídíò tí ẹ fi kọ́ni bí a ṣe ń gé bùbá ló wà lókè pátápátá: 5,100 nínú 6,000 yẹn, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti hàn. Ní oṣù Kìíní, 150 ni. Àwọn tó ń ránṣọ ọdún ló ń wò ó. YouTube sì ń to àwọn fídíò yín yòókù fún wọn lẹ́yìn rẹ̀, ó tún ń gbé wọn sójú ewé àkọ́kọ́ wọn lọ́jọ́ kejì. Ọdún parí, àwọn aránṣọ sinmi, fídíò bùbá rọlẹ̀, ó sì fa 140 tó kù lọ́wọ́. Àwòrán yín náà jẹ́rìí sí i: ìlà rẹ̀ rọra ń sọ̀ kalẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́sàn-án ni, kò já lójijì.

Ti àyípadà YouTube gan-an sábà máa ń rí báyìí: ìlà á já lọ́jọ́ kan ṣoṣo, láti ibì kan ṣoṣo, fún fídíò tuntun àti èyí tó ti pẹ́, láìsí fídíò kan tó so wọ́n pọ̀, àwọn aránṣọ mìíràn á sì rí irú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Síbẹ̀, ṣánẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo kò tó láti fi ẹ̀rí rẹ̀ múlẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kíkà ló yí padà, kì í ṣe òǹwòran. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, iye ìwòran ọ̀pọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì já lórí kọ̀ǹpútà, ti orí fóònù dúró, owó àti àwọn tó tẹ fẹ́ràn kò sì já bákan náà. YouTube sọ pé ohun èlò tí àwọn èèyàn fi ń dí ìpolówó lè da iye ìwòran tó ń hàn rú. Ẹni tó bá wo owó rẹ̀ mọ́ iye ìwòran kò ní bẹ̀rù lásán.

Ẹ fi oṣù Kìíní yìí wé oṣù Kìíní ọdún tó kọjá, kì í ṣe oṣù Kejìlá. Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi wá yín lábẹ́ YouTube search, kí ẹ sì ṣe fídíò méjì tàbí mẹ́ta lórí èyí tí wọ́n ń wá báyìí. Kí oṣù Kọkànlá tó dé, ẹ so àwọn fídíò tí ẹ fẹ́ kí wọ́n rí mọ́ òpin fídíò bùbá. Ẹ má pa èyíkéyìí rẹ́, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì mìíràn: 2,800 tó ń wá láti YouTube search lójúmọ́ yẹn, ara àwọn fídíò tó ti pẹ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ rẹ̀ wà.