Ọmọ Tó Ń Purọ́, Tó Ń Jalè, Tó Ń Jà: Èwo Ni Yóò Yí Padà?

Bí ọmọ ọdún 12 bá jí owó ìyá rẹ̀, ohùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́ nínú ilé. Ohùn kan yóò wí pé ọmọdé ló ń ṣe é, yóò dàgbà kúrò níbẹ̀. Ohùn kejì yóò wí pé olè ni, olè ni yóò sì kú sí. Àwọn tí wọ́n ti tọpasẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi dàgbà rí i pé kò sí èyí tí ó tọ̀nà ní gbogbo ìgbà nínú ohùn méjèèjì.

Ohun tí ìwádìí fi hàn

Ní ọdún 1966, Lee Robins, onímọ̀ nípa àwùjọ ní ìlú Sent Lúìsì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí àwọn ọmọ 524 tí a ti mú lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọdé ní nǹkan bí 30 ọdún ṣáájú. Ó rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ oníwàhálà ni kò di àgbà oníwàhálà. Ohun tí ó ya àwọn tí ó burú sí i sọ́tọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kan pàtó. Iye oríṣi ìwà burúkú tí ọmọ náà ń hù ni, àti bí ó ti pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà, ìwádìí lórí àwọn ọmọ tí a bí ní ìlú Dọnídin ní Niu Sílándì ní ọdún 1972 àti 1973 fi kún un pé ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti kékeré ni ó sábà máa ń pẹ́ lójú ọ̀nà náà ju ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó bàlágà, tí ó ń tẹ̀lé ẹgbẹ́.

Àpẹẹrẹ méjì

Ẹ jẹ́ kí a pe ọmọ kan ní Àlàdé, kí a pe èkejì ní Kọ́lá. Ọmọ ọdún 12 ni àwọn méjèèjì, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jí owó àjọ ìyá wọn. Sáà ẹ̀kọ́ yìí ni Àlàdé bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ tuntun. Kì í jà, olùkọ́ rẹ̀ kò sì rí ẹ̀bi kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó rí ìyá rẹ̀ tí kò rí owó àjọ san, ó sunkún. Ní ti Kọ́lá, láti ọmọ ọdún 4 ni ó ti ń bu ẹlòmíràn jẹ. Ó ń jà nílé, nílé ẹ̀kọ́ àti ládùúgbò, ó ń purọ́ níbi tí òtítọ́ kò ti lè pa á lára, omijé ẹlòmíràn kì í sì í dùn ún.

Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ìrètí kì í ṣe ọ̀kan náà. Ìbéèrè mẹ́rin ni ó ya wọ́n sọ́tọ̀: Nígbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Oríṣi ìwà mélòó ni, ní ibi mélòó? Ǹjẹ́ ìyà ẹni tí ó ṣẹ̀ ń dùn ún? Àwọn ta ni ó ń bá rìn? Àmì ni ìdáhùn wọ̀nyí. Wọn kì í ṣe ìdájọ́. Kọ́lá náà lè yí padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí a lè fi sílẹ̀ fún ọjọ́ orí nìkan. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ohun tí ilé ń kọ́ ọmọ láìmọ̀

Gerald Patterson, tí ó wo bí àwọn ẹbí ní Ọ́régọ̀nì ti ń bá ara wọn lò nínú ilé, ṣàlàyé pańpẹ́ kan. Ìyá ní kí Kọ́lá fọ abọ́. Kọ́lá jágbe, ìyá náà jágbe. Kọ́lá ju abọ́ mọ́lẹ̀, ó sì rẹ ìyá, ó fọ abọ́ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Kọ́lá ti kọ́ pé ìbínú ń gba ènìyàn lọ́wọ́ iṣẹ́. Lọ́la bàbá yóò dé, yóò sì nà án títí ara rẹ̀ yóò fi bó. Ìyẹn kò tú pańpẹ́ náà, nítorí ọmọ kò mọ ìgbà tí ìyà yóò wá àti ìgbà tí kò ní í wá.

Ohun tí ó ń tú u ni ìyà kékeré tí ó dájú: àṣẹ kan, ohùn pẹ̀lẹ́, àti ìjìyà tí kì í yẹ̀. Kí ọmọ fi iṣẹ́ ilé san owó tí ó jí, kí ó má lọ gbá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Kí ìyà ẹni tí ó jẹ́wọ́ fúyẹ́ ju ti ẹni tí ó sẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irọ́ ni yóò máa sàn fún ọmọ jù. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra: kí a yìn ín lójú ẹsẹ̀ tí ó bá ṣe dáadáa.

Àṣìṣe kan tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe

Ẹgbẹ́ lè fẹ́ kó gbogbo ọmọ oníwàhálà jọ fún ẹ̀kọ́ pàtàkì. Ní ọdún 1999, Thomas Dishion àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé irú àkójọ bẹ́ẹ̀ lè mú ìwà burú sí i, nítorí àwọn ọmọ náà ń fi ẹ̀rín yin ìwàkiwà ara wọn. Ó sàn kí a fi ọmọ kan sáàárín àwọn oníwà tútù, níbi tí àgbàlagbà kan ti ń wò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ń fi ohun ìjà halẹ̀, tí ó ń dáná sun nǹkan, tàbí tí ó ń dá ẹranko lóró, kí a mú un lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò láìjáfara.

Fún ìjíròrò ní ìpàdé

1. Ọmọ wo ni a ti sọ ní olè ládùúgbò wa láìbéèrè ìbéèrè mẹ́rin òkè yìí?
2. Nínú ilé wa, ta ni ó sábà máa ń jọ̀wọ́ nígbà tí ọmọ bá jágbe?
3. Àgbàlagbà wo ni ó lè gba ọmọ kan mọ́ra lọ́sẹ̀ yìí?