Àlejò Tí Kò Rí Oorun Sùn

Ọmọ mi, kí o tó fèsì sí ìráhùn àlejò ilé ìtura wa, wo ìwé aṣọ́de. Ká ní àlejò sun alẹ́ méjì, 15,000 sẹ́fà lálẹ́ kan, tó sì ń bèèrè pé ká dá 30,000 padà. Bí jẹnẹrétọ̀ wa bá ké lábẹ́ fèrèsé rẹ̀ lálẹ́ àkọ́kọ́, tó pè wá, tí a kò pààrọ̀ yàrá fún un, owó alẹ́ yẹn tọ́ sí i. Èkejì kò tọ́ sí i, ó sùn. Kọ ọ́ báyìí: “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Jẹnẹrétọ̀ wa ké láti aago 11 sí aago 3 òru. A ó dá 15,000 padà fún yín lónìí.” Má ṣe kọ ọ́ pé ẹlòmíràn kò ráhùn, ìjà nìyẹn ń dá sílẹ̀. Ti ìpè àdúrà ìdájí yàtọ̀. Sóńgò la wà, àwa kọ́ la ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí. Àmọ́ ṣé o sọ fún un kó tó sanwó pé yóò máa gbọ́ ìpè náà?