Ojú Kan, Àwọ̀ Méjì: Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Nínú Ṣọ́ọ̀bù Ọjà Balógun

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí ohun tó ń ba fọ́tò inú ọjà jẹ́. Ojú èèyàn á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe, tàbí kó rí búlúù bí ẹni tí òtútù mú. Nígbà míì, méjèèjì á wà lójú ẹnì kan náà. A fẹ́ lẹ àwòrán àwọn oníṣòwò Balógun mọ́ ògiri yìí, àwọn ìyá náà á sì wá wò ó lọ́jọ́ àwọn òbí. Ta ló fẹ́ rí ara rẹ̀ bí aláìsàn níwájú ọmọ rẹ̀?

Ohun tó ń fà á

Ìmọ́lẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ tirẹ̀. Ojú tiwa tètè ń bá a mu, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í kíyè sí i. Ẹ wo irin nínú iná alágbẹ̀dẹ: á kọ́kọ́ pọ́n, tó bá gbóná sí i á di àwọ̀ ìyeyè, tó bá tún gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ á máa funfun. Láti ara irú ìgbóná bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà pe àwọ̀ ìmọ́lẹ̀. Kẹ́lífìn ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n náà, K ni wọ́n sì ń kọ sí ẹ̀yìn nọ́ńbà rẹ̀. Gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 2700K. Oòrùn ọ̀sán tó nǹkan bí 5500K. Abẹ́ òjìji, níbi tó jẹ́ pé ojú ọ̀run nìkan ló ń tan ìmọ́lẹ̀ síbẹ̀, lè lé ní 7000K, ìyẹn ló fi ń fa búlúù. Ẹ wo ara páálí gílóòbù tuntun, ẹ lè rí nọ́ńbà náà níbẹ̀.

Ibi tí kámẹ́rà ti ń gba nọ́ńbà yìí ni wọ́n kọ WB sí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, inú Pro lẹ máa ti rí i. Tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, kámẹ́rà á fúnra rẹ̀ méfò. Tó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo ló wà, ó sábà máa ń gbà á. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan péré ló lè mú fún odindi àwòrán. Tí ìmọ́lẹ̀ méjì bá pàdé lójú ẹnì kan, kò sí nọ́ńbà tó lè tẹ́ méjèèjì lọ́rùn.

Ohun tí mo rí ní Balógun

Àwọn ilé gíga tó fún mọ́ra kì í jẹ́ kí oòrùn dé inú ọ̀pọ̀ ọ̀nà tóóró tó wà nínú ọjà náà. Ìmọ́lẹ̀ òjìji ló máa ń gba ẹnu ọ̀nà wọ ṣọ́ọ̀bù, gílóòbù á sì máa tàn nínú. Ìyá kan tó ń ta léèsì gbà kí n fi òun ṣe àpẹẹrẹ fún ẹ̀kọ́ yìí. Wọ́n jókòó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọn kọ sí ẹnu ọ̀nà, ti ọ̀tún kọ sí gílóòbù. Mo ya fọ́tò mẹ́ta láìkúrò lójú kan.

Nígbà tí mo fi WB sí 3000K, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún dára, ti òsì sì dà bí ẹni pé wọ́n rẹ ẹ́ láró. Nígbà tí mo gbé e lọ sí 6500K, òsì dára, ọ̀tún wá di ìyeyè. Mo tún gbé e sí àárín, 4500K: búlúù díẹ̀ níhìn-ín, ìyeyè díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìyá wò wọ́n, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èwo ni tèmi nínú ẹ̀? Àbí ibà ń ṣe mí tí mi ò mọ̀?"

Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: bí nọ́ńbà inú kámẹ́rà bá ń lọ sókè, ṣe ni fọ́tò ń pọ́n sí i, nítorí kámẹ́rà rò pé búlúù ló wà níbẹ̀, ó sì ń fi ìyeyè pa á.

Mú ìmọ́lẹ̀ kan kúrò

Ọ̀nà tó dájú jù nìyí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè pa gílóòbù yẹn fún ìṣẹ́jú kan?" Wọ́n ní kí n pa á. Wọ́n wá kọjú sí ẹnu ọ̀nà dáadáa. Mo gbé bébà funfun sí iwájú ojú wọn, mo ń yí nọ́ńbà títí bébà náà fi funfun lórí fóònù. Nǹkan bí 6800K ló dúró sí. Mo gbé bébà kúrò, mo yà á. Ojú wọn padà sí dúdú dídán tí Ọlọ́run fún wọn.

Ẹ ṣọ́ra fún bébà tó funfun jù àti léèsì funfun báláú. Wọ́n máa ń fi nǹkan kan sínú wọn tó ń tan búlúù ní ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, bíi búlúù táwọn ìyá wa ń fi sínú omi aṣọ funfun. Tí ẹ bá fi irú rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n, ojú á pọ́n díẹ̀.

Tí oníbàárà bá wà nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọn kò lè pa iná, ẹ jẹ́ kí olójú fún gílóòbù lẹ́yìn, kó sì jìnnà sí i. Ẹni tó kúrò ní mítà kan sí mítà méjì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ gílóòbù náà ló kù tó ń dé ara rẹ̀. Aṣọ tó wà lẹ́yìn lè pọ́n díẹ̀, ìyẹn ò burú. Ẹ má tan fíláàṣì: ìmọ́lẹ̀ kẹta lẹ kó wọlé yẹn.

Tí a bá ti yà á tán ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ pa Night Light orí fóònù yín, torí òun náà ń kun ohun tí ẹ ń wò ní ìyeyè. Nínú Snapseed, ẹ ṣí White Balance, kí ẹ fa Temperature títí apá ojú tó fẹ̀ jù á fi dára. Ẹ má wo apá kejì ná. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Brush, ẹ mú Temperature, ẹ fi sí -5 tó bá jẹ́ ìyeyè lẹ fẹ́ pa, tàbí +5 tó bá jẹ́ búlúù. Ẹ fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi kí búrọ́ọ̀ṣì lè kéré, kí ẹ wá rọra fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn. Ẹ má kan ètè, ẹ má kan gèlè.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù? Awọ ara wa ní pupa àti ìyeyè tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tí ẹ bá fọ gbogbo rẹ̀ dànù, ojú á hu eérú bí ti ẹni tí kò para nígbà ọyẹ́. Tó bá ti ń rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ibi tí iná sì ti tàn jù lórí iwájú orí, tó funfun gbòò, kò sí àwọ̀ mọ́ níbẹ̀ tí ẹ lè tún ṣe. Irú fọ́tò bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ẹ mú ẹnì kan jókòó sáàárín fèrèsé àti gílóòbù nílé. Ẹ yà á ní 3000K, 4500K àti 6500K, lẹ́yìn náà ẹ pa gílóòbù, kí ẹ tún un yà. Ẹ kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sí ìpàdé wa lọ́jọ́ Ẹtì.