Kọ́ Ọmọ Rẹ Bí Wọ́n Ṣe Ń Béèrè

Àbúrò mi, sún mọ́ mi kí n sọ ohun kan fún ọ tí ilé ìwé Amẹ́ríkà kì í sọ fún òbí. Ọmọ méjì lè wà ní kíláàsì kan náà, kí orí àwọn méjèèjì jí pépé, síbẹ̀ kí ọ̀kan máa rí ìrànlọ́wọ́ olùkọ́ gbà ní gbogbo ìgbà, kí èkejì máa dá jìjàkadì. Olùkọ́ kò kórìíra ẹnì kankan nínú wọn. Ohun tí wọ́n gbé wá láti ilé ni kò dọ́gba.

Pierre Bourdieu, ọ̀mọ̀wé ará Faransé tí bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní ìgbèríko, ló pe ohun tí wọ́n ń gbé wá yìí ní ọrọ̀ àṣà: ọ̀nà ìsọ̀rọ̀, ìṣesí àti ìmọ̀ tí ọmọ jogún nílé, tí ilé ìwé sì ń fún ní máàkì bí ẹni pé ẹ̀bùn àbínibí ni.

Wàá rí àwọn ará wa tí wọ́n á sáré lọ ra dùùrù, kí ọmọ lè dà bí ọmọ aláwọ̀ funfun. Fi owó rẹ sápò ná. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ jù kò ní ná ọ lówó. Jessica Calarco, tó tẹ ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2018, lọ jókòó sí kíláàsì ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ó ń wo àwọn ọmọ. Bí ọmọ àwọn tó rọ́wọ́ mú díẹ̀, tí wọ́n kàwé, bá dé ibi tó rú u lójú, á nawọ́, á pe olùkọ́, àfi tó bá rí ojútùú ni yóò jókòó jẹ́ẹ́. Ọmọ àwọn tó ń fi agbára ṣiṣẹ́ á dákẹ́, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé kó má yọ olùkọ́ lẹ́nu, kó gbìyànjú fúnra rẹ̀. Ẹ̀kọ́ rere ni wọ́n kọ́ ọ o! Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń bójú tó odidi kíláàsì, ọwọ́ tó nà sókè ló máa ń rí.

Jẹ́ ká sọ pé ìdánwò ìṣirò ni. Ìbéèrè kan kò ṣe kedere. Ọmọ kan béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iye tó kù ni wọ́n ń fẹ́ ni, àbí iye tí wọ́n ná?” Olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní kó tún ìlà kejì kà. Ọmọ náà ti gbà á. Ìkejì fi àyè sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ìṣirò náà kò ṣòro fún un rárá.

Ìwọ náà mọ bí a ṣe tọ́ wa: a kì í wo àgbà lójú, a kì í já lu ọ̀rọ̀ wọn. Nígbà tí ọmọ wa bá doríkodò, olùkọ́ lè rò pé ó ti yé e, tàbí pé kò bìkítà. Má ní kó yé kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà o. Sọ fún un pé ilé ní òfin tirẹ̀, kíláàsì ní tirẹ̀.

Lálẹ́, tó bá ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, má sáré ṣàlàyé. Bí ó bá ní “Kò yé mi,” bi í pé ibo gan-an. Jẹ́ kó sọ ọ́ tán: “Mo mọ bí mo ṣe rí méjìlá, ṣùgbọ́n mi ò mọ ìdí tí a fi máa pín in.” Irú ìbéèrè yìí ni olùkọ́ lè dáhùn láàárín ìṣẹ́jú kan. Annette Lareau, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 2003, sọ nípa ìyá kan, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, tó ń wa ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà. Inú ọkọ̀ ló ti ní kó ronú ohun tó fẹ́ béèrè, kó má sì tijú. Ọmọ náà sì béèrè. Ṣe bẹ́ẹ̀ nínú mọ́tò tìẹ náà. Tó bá dé láti ilé ìwé, dípò “Kí ni wọ́n kọ́ yín?” bi í pé, “Kí lo béèrè lónìí?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ “kò sí” láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, a jẹ́ pé ẹ̀kọ́ náà kò tíì wọlé.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè bíbéèrè níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Ní 1999, Lareau àti Erin Horvat kọ̀wé pé nígbà tí àwọn òbí aláwọ̀ dúdú kan fi ìbínú sọ ẹ̀sùn ẹlẹ́yàmẹ̀yà fún ilé ìwé, olùkọ́ kò gbà á wọlé, ṣùgbọ́n wọ́n tẹ́tí sí àwọn tó fi pẹ̀lẹ́ gbé ẹ̀dùn wọn wá. Ó ń bí mi nínú títí di báyìí, nítorí kò yẹ kí a máa wọn ohùn kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ ọmọ wa. Síbẹ̀, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀, mú ìwé iṣẹ́ ọmọ náà dání, kí o sì fi ìbéèrè ṣáájú ẹ̀sùn.

Tí wọ́n bá pe ìpàdé òbí àti olùkọ́, mú ọmọ lọ bí wọ́n bá gbà ọ́ láyè. Jẹ́ kí òun ló kọ́kọ́ béèrè, kí ìwọ sì dákẹ́ títí olùkọ́ á fi dá a lóhùn.