Nígbà Tí Àgbà Bá Jókòó Ṣàlàyé Iṣẹ́ Rẹ̀ fún Ọ

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, ó ti di àṣà báyìí kí ẹ máa tọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ, kì í ṣe láti tọrọ iṣẹ́, bí kò ṣe láti béèrè bí iṣẹ́ náà ṣe rí gan-an. Ó dára bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ọpẹ́ tí ẹ ń kọ lẹ́yìn rẹ̀ ló kù díẹ̀ káàtó. Mo gba púpọ̀ nínú irú rẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́dítọ̀, iṣẹ́ yẹn náà ni màá sì fi ṣe àpẹẹrẹ.

1. Kọ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹni tó jẹun níbi ìnáwó lánàá kì í dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kó tó kí onínàáwó kú ìnáwó àná. Bó bá jẹ́ ímeèlì lẹ fi ṣe àdéhùn ìpàdé, orí ímeèlì yẹn gan-an ni kí o ti fèsì, kí ẹni náà lè rí gbogbo ọ̀rọ̀ yín lójú kan, kó sì rántí ẹni tó o jẹ́. Wáṣáàpù kò burú bó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ ti ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n má fi ohùn ránṣẹ́ o. Ọ̀gá tó wà nínú ìpàdé lè yọjú ka ìlà márùn-ún. Kò lè gbé fóònù sétí.

2. Ibí yìí ni iṣẹ́ wà: dárúkọ ohun kan pàtó tó o gbọ́, kí o sì sọ ohun tó o ti fi ṣe. "Ẹ ṣeun fún ìmọ̀ràn iyebíye yín" kò sọ nǹkan kan. Èèyàn lè kọ ọ́ láì dé ọ́fíìsì ẹni náà rárá. Ká sọ pé ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ lọ bá obìnrin ọ́dítọ̀ kan, èyí tó lè kọ rèé:

"Ẹ kú àná, mà. Ẹ ṣeun tí ẹ yọ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sílẹ̀ fún mi. Àlàyé yín lórí kíka ọjà ni kò kúrò lọ́kàn mi: pé kí ọ́dítọ̀ mú ọjà nínú ìwé kó lọ wá a ní sítọ̀, kó sì tún mú òmíràn ní sítọ̀ kó wá a nínú ìwé. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni mo mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti padà ka orí tó dá lé e nínú ìwé mi lálẹ́ àná. Mo sì ti ń wo ìdánwò ICAN ti oṣù kọkànlá bí ẹ ṣe dábàá. Màá jẹ́ kí ẹ gbọ́ bó bá ṣe ń lọ."

Ẹ wo ohun tí obìnrin yẹn máa rí níbẹ̀. Láti inú ìwé lọ sí sítọ̀ la ti ń mú ọjà tí wọ́n kọ sílẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Láti sítọ̀ wá sínú ìwé la ti ń rí páálí tó wà nílẹ̀ tẹ́nikẹ́ni kò kọ. Ọmọ tó yà á sọ́tọ̀ pé ọ̀nà méjì ni, ó gbọ́ ọ̀rọ̀. Bó bá kọ ọ́ dà rú, ìyẹn náà á hàn, nítorí náà yẹ ìwé tó o fi ṣe àkọsílẹ̀ wò kí o tó fi ránṣẹ́.

3. Má tọrọ iṣẹ́ nínú rẹ̀. Má sì so ìwé ẹ̀rí rẹ mọ́ ọn, àfi bí wọ́n bá ní kí o fi ránṣẹ́. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ pé "bí ẹ ṣe ní kí n fi ránṣẹ́". Àlàyé lo ní o ń wá nígbà tó o fẹ́ wọlé. Bí lẹ́tà ọpẹ́ bá wá di ìwé ìwáṣẹ́, ẹni náà á ní o tan òun ni, kò sì ní gba ọmọ mìíràn láyè.

4. Orúkọ àti oyè: Dókítà, Alhaja, Onímọ̀-ẹ̀rọ, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ gan-an ni kí o kọ ọ́. Àdúrà kan tó. Àwọn kan á máa wúre títí tí a ó fi gbàgbé ohun tí wọ́n wá dúpẹ́ lé lórí.

5. Bí wọ́n bá fún ọ ní nọ́ńbà ẹlòmíràn, pè é láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kí o sì padà wá sọ pé o ti pè é. Kò sóhun tó ń dun àgbà tó kí ó yá ọ ní orúkọ rẹ̀, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sọ pé òun ò gbúròó rẹ. Bí oṣù kan tàbí méjì bá kọjá, tó o ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò tàbí tó o ti ríṣẹ́, ìlà méjì tó láti fi tó wọn létí.

Ẹni tó mú ọ mọ̀ wọ́n ńkọ́? Àbúrò bàbá rẹ, olùkọ́ rẹ, ẹnikẹ́ni tó ṣe alárinà. Òun lẹ máa ń gbàgbé jù. Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ kan náà ni kí ẹ kọ tirẹ̀.